Ìpín Tó Tutù, Ìpín Tó Sùn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Bẹ́tà

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó mọ̀ pé àwọn ìpín kan wà tí iye wọn kì í yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjà lè gòkè, wọn ò ní kúrò lójú kan. Ọjà lè já wálẹ̀, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n máa wà. Nínú ìwé ìtúpalẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ń tẹ̀ jáde, nọ́ńbà kékeré kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ irú ìpín bẹ́ẹ̀: bẹ́tà 0.15, tàbí 0.2. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà náà yóò gbà pé ìpín yìí tutù, pé ìjì ọjà kò lè gbé e lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rà á, kò sẹ́ni tó tà á, òun ni iye rẹ̀ kò fi yí padà.

Bẹ́tà ni ìwọ̀n tó ń fi hàn bí ìpín kan ṣe ń bá gbogbo ọjà rìn. Bí ọjà bá gòkè ní ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìpín kan sì sábà máa ń gòkè ní ìdá 1.5, bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 1.5. Èyí tó bá ń gòkè ní ìdajì ohun tí ọjà fi gòkè, bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 0.5. Bákan náà ló rí nígbà tí ọjà bá ń já wálẹ̀. William Sharpe, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ èrò yìí lélẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964. Ní 1990, òun, Harry Markowitz àti Merton Miller jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ohun tí Sharpe tẹnu mọ́ ni pé ewu tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí iná tó jó ilé ẹ̀rọ tàbí ọ̀gá àgbà tó fi ipò sílẹ̀ lójijì, máa ń dín kù fún ẹni tó bá pín owó rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ púpọ̀. Ewu tó ń bá gbogbo ọjà jà ní àjàpọ̀ kò ṣeé yẹra fún lọ́nà yẹn. Bẹ́tà ló ń wọn irú ewu kejì yìí.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa ń kọ bẹ́tà sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i pé òun nìyí. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní rigirẹ́ṣọ̀n: wọn yóò fi àmì kan sí orí gíráàfù fún oṣù kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wá fa ìlà kan ṣoṣo tó súnmọ́ gbogbo àmì náà jù lọ. Bí ìlà yẹn bá ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́tà ṣe tó.

Ohun tí wọ́n ń kó jọ

Ohun méjì péré ni iṣẹ́ náà nílò: iye ìpín ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, àti iye tí atọ́ka gbogbo ọjà wà ní ọjọ́ kan náà. Ní Èkó, atọ́ka tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni èyí tó kó gbogbo ìpín inú ọjà pọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí 100 ní 1984. Kì í ṣe iye náà gan-an ni wọ́n ń fi ṣe ìṣirò, bí kò ṣe ìyípadà rẹ̀ láti oṣù kan sí èkejì. Bí ìpín kan bá kúrò ní ₦40 tó di ₦42.80, èrè oṣù yẹn jẹ́ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí atọ́ka bá kúrò ní 100,000 tó di 102,000, èrè ọjà jẹ́ ìdá 2. Ẹni tó bá fi iye gan-an ṣe ìṣirò dípò ìyípadà rẹ̀ yóò rí ìlà tó gún dáadáa, tí kò sì ní ìtumọ̀. Ní ilẹ̀ tí owó ọjà ń fò sókè lọ́dọọdún, ohun méjì tí kò bára tan lè jọ máa gòkè fún ogún ọdún.

Ibi tí èèyàn ti lè kọ́kọ́ ṣìnà ni pípín ìpín ọ̀fẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan lè fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ ní ìpín ọ̀fẹ́ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní. Ní ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, iye ìpín á kúrò ní ₦60, á di nǹkan bí ₦30. Kò sẹ́ni tó pàdánù, torí ẹni tó ní ìpín 100 ti ní 200. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tún àwọn iye àtẹ̀yìnwá ṣe, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí àdánù ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, oṣù kan ṣoṣo yẹn á sì fa gbogbo ìlà náà wọ́. Owó èrè tí ilé-iṣẹ́ ń san fún onípìn-ín náà máa ń fa iye wálẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ sí i bá kúrò lára ìpín. Ó yẹ kí wọ́n dá owó náà padà sínú èrè oṣù yẹn. Ọ̀nà láti rí irú àṣìṣe yìí kò le: kí olùṣírò to èrè gbogbo oṣù láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kó sì wádìí ìdí tí èyí tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò oṣù mẹ́fà

Àpẹẹrẹ kékeré kan yóò jẹ́ kó yé bí ìlà náà ṣe ń jáde. Àwọn nọ́ńbà tó wà níhìn-ín kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Wọ́n kéré kí òǹkàwé lè fi bírò àti ìwé yẹ̀ wọ́n wò. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn.

| Oṣù | Èrè ọjà | Èrè ìpín |
|---|---|---|
| 1 | 2 | 7 |
| 2 | -1 | 5 |
| 3 | 4 | 7 |
| 4 | -3 | -5 |
| 5 | 5 | 3 |
| 6 | -1 | -5 |

Ìpíndọ́gba èrè ọjà jẹ́ 1, ti ìpín jẹ́ 2. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni láti yọ ìpíndọ́gba kúrò lára oṣù kọ̀ọ̀kan, kó lè hàn bí oṣù náà ṣe jìnnà sí ohun tó máa ń rí tẹ́lẹ̀. Fún ọjà, ohun tó kù ni 1, -2, 3, -4, 4, -2. Fún ìpín, ó jẹ́ 5, 3, 5, -7, 1, -7.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò sọ nọ́ńbà ọjà di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìpín ní oṣù kọ̀ọ̀kan: 5, -6, 15, 28, 4, 14. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 60. Nọ́ńbà yìí ń tóbi bí àwọn méjèèjì bá ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ pọ̀. Oṣù kejì, tí ọjà lọ sísàlẹ̀ ìpíndọ́gba tí ìpín lọ sókè, ló yọ 6 kúrò nínú rẹ̀. Níkẹyìn, wọn yóò sọ nọ́ńbà ọjà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 1, 4, 9, 16, 16, 4. Àròpọ̀ èyí jẹ́ 50. Bí a bá pín 60 sí 50, yóò jẹ́ 1.2. Bẹ́tà ìpín náà nìyẹn.

Ìlà náà tún ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpíndọ́gba ìpín jẹ́ 2. Apá tó ti ọ̀dọ̀ ọjà wá jẹ́ 1.2 lọ́nà 1, 0.8 ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ìlà yìí ń sọ pé ní oṣù tí ọjà kò bá jèrè tí kò sì pàdánù, ìpín náà á jèrè ìdá 0.8. Ní oṣù kejì, tí ọjà já wálẹ̀ ní ìdá 1, ohun tí ìlà ń retí ni -0.4, àmọ́ ìdá 5 ni ìpín náà jèrè. Àlàfo 5.4 yẹn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ọjà. Bóyá wọ́n gba iṣẹ́ àgbàṣe ńlá kan lóṣù yẹn. Bí a bá kó irú àlàfo bẹ́ẹ̀ jọ, ó hàn pé ọjà ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn ìpín yìí. Ìyókù jẹ́ tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èrè ọjà bá wà ní òpó B, tí èrè ìpín wà ní òpó C, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni:

```
=SLOPE(C2:C7, B2:B7)
=RSQ(C2:C7, B2:B7)
```

Ìpín ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ọjà tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí àkọ́kọ́ padà yóò rí 0.38 dípò 1.2, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an.

Báwo ni 1.2 ṣe dájú tó?

Oṣù mẹ́fà kò tó nǹkan. Ká ní oṣù kejì kò rí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́tà náà ì bá yàtọ̀. Ìdí nìyí tí olùṣírò tó mọṣẹ́ kì í fi bẹ́tà sílẹ̀ láìfi ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ tì í. Inú àwọn àlàfo tó wà láàárín àmì àti ìlà ni wọ́n ti ń rí i. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìwọ̀n àṣìṣe jẹ́ nǹkan bí 0.66. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ni pé kí wọ́n lọ ìlọ́po méjì rẹ̀ sókè, ìlọ́po méjì rẹ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́tà tòótọ́ lè wà níbikíbi láàárín -0.1 àti 2.5, oṣù mẹ́fà sì kéré débi pé àyè náà tún gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó lè jẹ́ òdo, tó sì lè jẹ́ 2.5, kò tíì sọ ohunkóhun fún olùdókòwò.

Bí irú ìrìn kan náà bá tẹ̀ síwájú fún oṣù 60, ìwọ̀n àṣìṣe yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 0.19. Àyè náà á wá wà láàárín 0.8 àti 1.6. Ó ṣì fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ ohun kan. Òun ló mú kí oṣù 60, ìyẹn ọdún márùn-ún, di ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Àwọn mìíràn ń lo èrè ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì.

Kí ló dé tí wọn kò fi lo ogún ọdún? Torí pé ilé-iṣẹ́ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, náírà sì já wálẹ̀ gidigidi. Atọ́ka ọjà Èkó parí ọdún náà pẹ̀lú èrè tó lé ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kan náà, MTN Nigeria àti Nestlé Nigeria kéde àdánù, nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ ní owó ilẹ̀ òkèèrè wú sókè. Ẹni tó bá pa oṣù tó ṣáájú ìyípadà yẹn pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, tó fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín wọn, ń wọn ilé-iṣẹ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun tó yẹ ni kó wọn apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì fi èsì méjèèjì wéra. MTN Nigeria gan-an kò wọ ọjà Èkó títí di oṣù karùn-ún ọdún 2019, nítorí náà kò lè ní oṣù 60 títí di 2024.

Ìpín tó ń sùn

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ní ọjà bíi ti Èkó ni àwọn ìpín tí wọn kì í tà déédéé. Iye tó wà lójú pátákó ọjà ní ìrọ̀lẹ́ lè jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Òfin ọjà náà dá kún un: bí iye ìpín tó pàrọ̀ ọwọ́ kò bá tó ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, iye rẹ̀ kì í yí padà. Ìpín kan kò sì gbọ́dọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, nítorí náà ìròyìn ńlá lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn tán lára iye.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ dà bí oníjó tó ń gbọ́ ìlù lónìí, tó wá ń jó o lọ́la. Ẹni tó bá ń wo ìlù òní àti ijó òní nìkan yóò sọ pé oníjó náà kò gbọ́ ìlù rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rigirẹ́ṣọ̀n ṣe ń ṣe. Bí ìdajì ìyípadà ìpín kan bá fara hàn ní ọ̀sẹ̀ tí ọjà yí padà, tí ìdajì kejì fara hàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́tà tó jẹ́ 1.2 ní tòótọ́ yóò jáde bíi 0.6.

Myron Scholes àti Joseph Williams tẹ ojútùú kan jáde ní 1977. Ní 1979, Elroy Dimson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé èyí tó rọrùn jù kalẹ̀. Ọ̀nà Dimson ni láti má ṣe fi èrè ìpín òní wé èrè ọjà òní nìkan. Wọn yóò tún fi èrè ọjà àná àti ti ìjẹta sínú ìṣirò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan yóò mú nọ́ńbà tirẹ̀ wá, wọn yóò sì ro wọ́n pọ̀. Ká sọ pé ti òní jáde ní 0.25, ti àná ní 0.35, ti ìjẹta ní 0.20. Ẹni tó wo òní nìkan ní bẹ́tà 0.25 lọ́wọ́, ẹni tó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní 0.80. Ìpín kan náà ni, ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Dimson tún fi èrè ọjà ọ̀la kún un. Ó lè ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Atọ́ka ọjà fúnra rẹ̀ kún fún àwọn ìpín tó ń sùn, nítorí náà òun pàápàá máa ń pẹ́ kó tó jí. Ìpín báǹkì ńlá kan tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà láti àárọ̀ dé ìgbà tí ọjà bá palẹ̀ mọ́ lè gbọ́ ìròyìn ṣáájú atọ́ka. Fún irú ìpín yẹn, apá kan bẹ́tà rẹ̀ wà nínú èrè ọjà ọ̀la.

Ojútùú yìí ní iye tirẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rò pọ̀ ló ní àṣìṣe tirẹ̀, nítorí náà àròpọ̀ wọn sábà máa ń gbọ̀n ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Bí ìpín kan kò bá tà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù, kò sí iye òpó tó lè gbà á là.

Bí ìpín tó ń sùn bá ń jáde pẹ̀lú bẹ́tà tó kéré jù, àwọn yòókù ni yóò ru ẹrù náà. Ìpíndọ́gba bẹ́tà gbogbo ìpín inú atọ́ka, bí wọ́n bá wọ̀n wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, nítorí ọjà ni wọ́n fi ń wọn ọjà. Ibi tí apá kan bá ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ, apá kejì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Fún ilé-iṣẹ́ tó wúwo gan-an nínú atọ́ka, irú Dangote Cement, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà: ara rẹ̀ ni apá kan ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè fi mọ̀ bóyá ìpín kan tutù tàbí ó ń sùn. Kí ó wọn bẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: pẹ̀lú èrè ojoojúmọ́, pẹ̀lú èrè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti pẹ̀lú èrè oṣooṣù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá súnmọ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí ìpín náà tutù lóòótọ́. Bí bẹ́tà bá ń gòkè láti 0.2 sí 0.5 sí 0.8 bí àkókò ṣe ń gùn sí i, oorun ni. Kí ó sì ka iye ọjọ́ tí èrè ìpín náà jẹ́ òdo gan-an. Bí ìdajì ọjọ́ inú ọdún bá jẹ́ òdo, kí ó má gbára lé bẹ́tà ojoojúmọ́ rárá.

Àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe kẹ́yìn

Ní ọdún 1971, Marshall Blume, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé bẹ́tà tó ga gan-an ní àkókò kan sábà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ní àkókò tó tẹ̀ lé e, tí èyí tó rẹlẹ̀ gan-an sì máa ń gòkè. Gbogbo wọn ń súnmọ́ 1. Láti ibẹ̀ ni àtúnṣe tó gbajúmọ̀ lónìí ti wá: kí wọ́n mú ìdá méjì nínú mẹ́ta bẹ́tà tí wọ́n rí, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Bẹ́tà 1.2 á di 1.13. Bẹ́tà 0.15 á di 0.43. Bloomberg náà ń tẹ irú bẹ́tà tí wọ́n tún ṣe báyìí jáde, òun sì ni ìdí kan tí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ méjì lórí ìpín kan náà fi lè yàtọ̀ síra.

Àtúnṣe yìí dára fún ìpín tó ń tà déédéé. Kò wo oorun sàn. Bí bẹ́tà tòótọ́ ìpín kan bá jẹ́ 1.2 tí oorun sọ ọ́ di 0.15, 0.43 ṣì jìnnà gan-an sí òtítọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ìpín torí pé wọ́n ní bẹ́tà rẹ̀ kéré kọ́kọ́ bi alárinà rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin. Oṣù mélòó ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀? Ṣé èrè ọjọ́ ni àbí ti oṣù? Kí ni ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ìpín náà tà lọ́dún tó kọjá? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin bá kéré, kí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀, kì í ṣe pé ìpín náà kò ní já: òun ni kò ní rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.